Àkáǹtì Náírà, Oníbàárà Pọ́n-ùn: Bí Aládìrẹ Abẹ́òkúta Ṣe Lè Polówó fún Ọmọ Yorùbá Lókè Òkun

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn aládìrẹ Ìtòkù àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wọn polówó, ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá jókòó síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí a bá wá dá lórí ẹni tó wà ní Ìtòkù, tó fẹ́ fi owó náírà polówó àdìrẹ lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, kí ìpolówó náà lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnù. Ohun méjì ló máa ń dààmú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Káàdì rẹ̀ máa ń kọ̀, owó tó sì ń ná kì í ra iye ojú tó rà lóṣù tó kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "ọ̀rọ̀ dọ́là ni". Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkáǹtì ìpolówó tó jẹ́ ti náírà ń mú ọ̀pọ̀ wàhálà káàdì kúrò. Ti ṣíṣẹ́ owó ni kò mú kúrò. Ńṣe ló gbé e lọ síbi tí ojú kò ti tètè ń rí i.

Nígbà tí ẹ bá ń dá àkáǹtì ìpolówó sílẹ̀ nínú Ads Manager, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, wọ́n á bi yín léèrè owó tí ẹ fẹ́ máa fi ná àti àkókò ìlú tí ẹ ń lò. Tí ẹ bá ti mú Nigerian Naira, kò sí bí ẹ ṣe lè rọra yí i sí dọ́là lọ́jọ́ iwájú. Àkáǹtì tuntun lẹ máa dá, ti tẹ́lẹ̀ á sì di títì. Ẹ má fi ìkánjú tẹ ibẹ̀ o. Ní tiwa, náírà náà la máa gba ẹni tí káàdì rẹ̀ jẹ́ ti náírà nímọ̀ràn pé kó mú, torí pé náírà ni Mẹ́tà, ilé iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, máa bèèrè lọ́wọ́ báǹkì yín. Ẹ rántí bí ó ṣe rí lọ́dún 2022. Báǹkì lóríṣiríṣi dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá kó tó di pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i lọ́dún 2025. Ẹni tó bá ń sanwó ìpolówó ní dọ́là ni irú òfin bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bá. Síbẹ̀, ẹ má rò pé náírà jẹ́ ààbò tí kò ní àlébù. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà kò sí ní Nàìjíríà, báǹkì yín sì lè kà á sí òwò òkè òkun bó tilẹ̀ jẹ́ náírà ni wọ́n bèèrè.

Ó dáa. Kí wá ni náírà yẹn ń rà? Gbàǹjo ni wọ́n ń lu ojú ìpolówó lórí Fesibúùkù. Bí obìnrin kan ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, bá ṣí fóònù rẹ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ kó rí ọjà òun ló ń dá iye, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí àyè kan ṣoṣo. Àwọn tí ẹ ń bá du àyè náà kì í ṣe aládìrẹ ẹgbẹ́ yín. Àwọn olówò aṣọ, bàtà àti oúnjẹ ní ìlú òyìnbó ni, pọ́n-ùn ni wọ́n sì fi ń dá iye. Mẹ́tà á ṣẹ́ náírà yín kó lè fi wé owó tiwọn. Bí náírà bá já lulẹ̀ lálẹ́ àná, 10,000 náírà tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún òní ṣì máa jẹ́ 10,000 lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti kúrú nínú gbàǹjo. Ẹni tó ń fi àkáǹtì dọ́là polówó máa rí ìjákulẹ̀ náà nínú àlẹ́ẹ̀tì báǹkì rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní rí àlẹ́ẹ̀tì kankan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ da gbogbo ojú ọjà dọ́là pọ̀ di ọ̀kan, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, ó sì kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Bí olówò ìlú òyìnbó kankan ò tilẹ̀ sọ àyè ìpolówó di ọ̀wọ́n lóṣù yẹn, ẹni tó bá ń fi náírà ra ojú ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ṣíṣẹ́ owó ló fà á, tí kì í ṣe ìpolówó yín ló ti sú àwọn èèyàn? Ẹ wo òpó méjì nínú Ads Manager. Èyí tí wọ́n kọ CPM sí lórí ni iye tí ẹ ń san kí ìpolówó yín tó hàn ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan. Èyí tí wọ́n kọ CTR sí lórí ni ìdá àwọn tó tẹ̀ ẹ́ nínú ìgbà tó hàn. Bí CPM bá gòkè tí CTR sì wà níbi tó wà, tó sì jẹ́ pé náírà ti já ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwòrán yín kò ní àìsàn. Owó ló fúyẹ́. Bí CTR náà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ ya àwòrán mìíràn, ẹ má di ẹ̀bi ru dọ́là. Ẹnu ọdún nìkan ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìdáhùn yìí. Láti ìparí oṣù kọkànlá wọ oṣù Kérésì, gbogbo olówò ìlú òyìnbó ló ń rọ́ sínú gbàǹjo kan náà, CPM á sì gòkè láìjẹ́ pé náírà yẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọjà kan ṣe ìṣírò. Iye tí a máa lò kì í ṣe iye ọjà tòní. A mú èyí tó máa rọrùn láti bá lọ ni. Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ 2,000 náírà. Bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ kan lẹ fẹ́ tà fún ará Lọ́ńdọ̀nù ní 60 pọ́n-ùn, ìyẹn 120,000 náírà. Aṣọ, aró àti owó télọ̀ gba 35,000. Fífi ẹrù ránṣẹ́ gba 25,000. Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yọ nǹkan bí 4,800, torí pé owó tí wọ́n ń yọ lórí káàdì òkè òkun ju ti káàdì ilé lọ dáadáa. Ó ku 55,200. Bí ẹ bá fẹ́ kí 30,000 wọ àpò yín gẹ́gẹ́ bí èrè, a jẹ́ pé 25,200 ni ìpolówó lè jẹ lórí aṣọ kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ 25,200 yẹn kọ́ lẹ máa kọ sínú Ads Manager o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 ni Mẹ́tà ti ń gba owó orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni tí àdírẹ́sì òwò rẹ̀ bá jẹ́ Nàìjíríà, orí iye tí ẹ ná ni wọ́n sì ń gbé e lé. Òpó Amount spent kì í kà á mọ́ ọn. Torí náà, báyìí lẹ máa pín in:

```
25,200 ÷ 1.075 = 23,442
```

Nǹkan bí 23,400 náírà, tàbí 11.70 pọ́n-ùn, ni òkè tí ìpolówó lè gùn dé kí aṣọ kan tó tà. Bí ẹ bá ná 10,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, 100,000 á hàn lójú ẹ̀rọ, 107,500 á kúrò nínú báǹkì, aṣọ márùn-ún ló sì gbọ́dọ̀ tà kí èrè yín tó pé. Mẹ́rin kò tó.

Ẹ wá jẹ́ kí náírà já sí 2,300 sí pọ́n-ùn kan. Bí ó bá jẹ́ 5 pọ́n-ùn ni ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ń gbà tẹ́lẹ̀, 10,000 yín tó ń ra ẹgbẹ̀rún kan á máa ra nǹkan bí 870 báyìí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló máa sọ bóyá ẹ jẹ gbèsè tàbí ẹ jèrè. Ẹni tó kọ 120,000 náírà sára aṣọ náà ti ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà láti san 52 pọ́n-ùn dípò 60, nígbà tí ìpolówó tó mú oníbàárà yẹn wá ti wọ́n sí i. Ìhà méjèèjì ló ti fìdí rẹmi. Ẹni tó kọ 60 pọ́n-ùn sára aṣọ máa gba 138,000, yóò sì rí i pé 11.70 pọ́n-ùn tó yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó kò yí padà, ó kàn di nǹkan bí 26,900 náírà ni. Gbogbo ohun tó kù fún un ni kó gbé 10,000 ojoojúmọ́ lọ sí 11,500 kí ìpolówó rẹ̀ lè máa dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀. Ohun tí a wá sọ gan-an nìyí: ẹ fi náírà sanwó ìpolówó, ṣùgbọ́n owó tí oníbàárà ń ná ni kí ẹ fi dá iye ọjà, òun náà ni kí ẹ fi pinnu òkè tí ìpolówó lè gùn dé. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó láti tún náírà rẹ̀ ṣírò. Iye tí owó yín fi wọlé gan-an sí báǹkì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì.

Ó yá, káàdì. Ọ̀nà méjì ló wà láti san owó yìí. Nínú àkọ́kọ́, ẹ ó máa ná ṣáájú, Mẹ́tà á sì yọ owó nígbà tí gbèsè bá kan òdiwọ̀n kan tàbí nígbà tí ọjọ́ ìsanwó oṣù bá pé. Òdiwọ̀n náà kéré fún àkáǹtì tuntun, ó sì ń ga bí ẹ bá ṣe ń san án láìkùnà. Nínú èkejì, ẹ ó kọ́kọ́ fi owó sínú àkáǹtì, ìpolówó á sì máa jẹ ẹ́ títí yóò fi tán. Ẹni tó bá ní káàdì tó ń ṣe ségesège, èkejì ló dára fún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gbìyànjú láti yọ gbèsè tí káàdì sì kọ̀, kì í ṣe ìpolówó kan ló ń dúró, gbogbo èyí tó wà nínú àkáǹtì náà ló ń dúró, kò sì ní gbéra títí ẹ ó fi san gbèsè. Bí owó tí ẹ fi síbẹ̀ bá kàn tán, kò sí gbèsè, kò sì sí àbàwọ́n.

Ìdí tí káàdì fi ń kọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé owó inú rẹ̀ kò tó, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ búra pé ó tó. Ẹ̀yin ẹ kọ 10,000 lójúmọ́, ẹ sì fi 11,000 sílẹ̀. Mẹ́tà lẹ́tọ̀ọ́ láti ná ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ tí ọjà bá dáa, ó lè fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá rẹ̀, kìkì kí àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ má ju ìlọ́po méje lọ. 10,000 lè tipa bẹ́ẹ̀ di 17,500 lọ́jọ́ kan, owó orí ọjà á sì gbé e kọjá 18,800. Ohun méjì ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹ lo Lifetime budget dípò Daily budget, kí ẹ dá gbogbo iye lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí. Ẹ sì wọ Billing & payments, kí ẹ kọ iye sí Account spending limit; bí ìná bá kan ibẹ̀, ohun gbogbo á dúró. Ẹ rántí pé owó orí ọjà kò sí nínú iye yẹn náà.

Ìdí kejì ta kókó díẹ̀, a sì fẹ́ dúró lé e lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ fi káàdì sínú àkáǹtì, báǹkì fi OTP ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mẹ́tà bá padà wá yọ owó fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, kò sí ẹni tó máa tẹ OTP kankan, àwọn báǹkì kan kì í sì í jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ìsanwó àkọ́kọ́ lọ geerege, èyí tó tẹ̀ lé e kọ̀, owó sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ báyìí, ẹ wọ Billing & payments, ẹ tẹ Pay now, kí ẹ san án fúnra yín kí OTP lè wá. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ti òkè òkun wà ní ṣíṣí, ẹ sì wo òdiwọ̀n tí ẹ fún káàdì náà lójúmọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tó ṣì ń kọ̀, ẹ lọ sí báǹkì yín ní Òkè-Ìléwó tàbí Pànṣẹ́kẹ́, ẹ má kàn ní "káàdì mi ò ṣiṣẹ́". Ẹ bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀sílẹ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ wọn. 51 túmọ̀ sí pé owó kò tó. 61 ni pé ẹ ti kọjá òdiwọ̀n. 57 ni pé wọn kò fàyè gba káàdì náà fún irú òwò bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan ló sì lè ṣí i. 05 ni pé báǹkì kàn kọ̀ ni láìsọ ìdí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ ìfura sí jìbìtì. Nọ́ńbà yẹn máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìrìn àjò kejì.

Ẹ má tẹ káàdì tó kọ̀ léraléra. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ohun tó jẹ́ àìtó owó lásán á di ìfura ní báǹkì àti ní Mẹ́tà. Káàdì kan náà lórí àkáǹtì ọ̀rẹ́ mẹ́ta, tàbí fóònù tí VPN fi hàn bí ẹni pé ó wà ní Jámánì láàárọ̀ tó sì wà ní Abẹ́òkúta lọ́sàn-án, ibì kan náà ló ń gbé èèyàn lọ.

Ní ti káàdì dọ́là orí áàpù, ó wúlò fún àkáǹtì dọ́là. Bí ẹ bá fi sórí àkáǹtì náírà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣẹ́ owó yín: ẹ fi náírà ra dọ́là kí ẹ tó fi sínú káàdì, Mẹ́tà bèèrè náírà, wọ́n tún dọ́là náà ṣẹ́ padà sí náírà, ẹ sì pàdánù díẹ̀ níbi méjèèjì. Àwọn kan nínú wọn tún ń gba owó ìtanràn nígbàkígbà tí ìsanwó bá kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù Ápù, ẹ má tẹ Boost post nínú áàpù Fesibúùkù tàbí Ínsítágíráàmù. Láti ọdún 2024 ni Ápù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba ojú ìwé facebook.com, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kékeré lórí bí ìpolówó ṣe máa bá ọmọ Yorùbá pàdé. Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni kí èèyàn lọ síbi tí wọ́n kọ Language sí, kó mú Yorùbá. Èdè tí èèyàn fi sórí Fesibúùkù rẹ̀ ni ibẹ̀ ń wò, kì í ṣe èdè tó ń sọ nílé. Gẹ̀ẹ́sì sì lọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lókè òkun fi síbẹ̀. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ mú ìlú tàbí àdúgbò, ẹ wá ohun tó bá Nàìjíríà mu nínú Behaviors, kí ẹ sì jẹ́ kí èdè tó wà nínú ìpolówó fúnra rẹ̀ ṣe ìyókù iṣẹ́ náà. Bí fídíò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú àárò ilé o", ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á kọjá lọ, ẹni tó gbọ́ á dúró, Mẹ́tà á sì kọ́ láti wá irú ẹni tó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ dé Dúbúlíìnì tàbí ìlú mìíràn ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n á ní kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń jàǹfààní ìpolówó àti ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ìpolówó kò ní jáde láìsí i. Ẹ sì ṣírò aago. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Húsítìnù jẹ́ aago méjì òru níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́ta nígbà òtútù. Bí kò bá sí ẹni tó máa dáhùn Wáàtsáàpù lákòókò yẹn, Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí pé ọmọ òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé òun kò lè fi káàdì rẹ̀ sórí àkáǹtì náírà òun kí wàhálà tán. Ẹ lè ṣe é, mà, ṣùgbọ́n owó náírà ni wọ́n á máa bèèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀, báǹkì náà sì lè máa gba owó ìṣẹ́wó ní gbogbo ìgbà. Káàdì ìlú òyìnbó lórí òwò tó wà ní Nàìjíríà náà lè mú kí Mẹ́tà ní kí ẹ wá fi ara yín hàn. Èyí tó sàn ni kí ẹ dá àkáǹtì ìpolówó kejì sílẹ̀ lábẹ́ òwò yín, kí ẹ mú pọ́n-ùn fún un, kí ẹ sì fi ọmọ náà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bójú tó owó. Owó orí ọjà Nàìjíríà kò ní tìtorí ìyẹn kúrò níwọ̀n ìgbà tí àdírẹ́sì òwò bá ṣì jẹ́ Abẹ́òkúta. Kí ó fi fóònù tirẹ̀ tẹ káàdì náà sí i fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí Wáàtsáàpù.